Ẹ́ńjìnnì kékeré oní-tọ́bò àbí ńlá tí ò ní tọ́bò: èwo ló máa bá mi dé ọdún 15?

Adérójú
Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa ọkọ̀. Mo fẹ́ ra ọkọ̀ tuntun tí mi ò ní tà fún ọdún 15. Ọkọ̀ kan náà ni, ẹ́ńjìnnì méjì ni wọ́n fi ń ṣe é: lítà 1.2 oní-sílíńdà mẹ́ta tó ní tọ́bò, àti lítà 2.0 oní-sílíńdà mẹ́rin tí ò ní tọ́bò. Agbára wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Èmi ò kì í sáré, ìrìn kìlómítà 6 tàbí 7 ni lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni mo ń bọ́ sí ọ̀nà jíjìn. Èwo ló máa pẹ́ jù nínú méjèèjì?

Ayọ̀Awakọ̀
Ra 2.0 jàre, má rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ́ńjìnnì kékeré tí wọ́n ní kó ṣe iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì ńlá, ṣe ló dà bí ìgbà téèyàn gbé ẹrù àgbà lé ọmọdé lórí, ó máa gbé e o, ṣùgbọ́n ọrùn ẹ̀ á wọ̀. Yàtọ̀ síyẹn, tọ́bò fẹ́ wàhálà, gbogbo ìgbà tó o bá dúró o gbọ́dọ̀ fi ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ kó máa ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú 5 kó o tó pa á, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ tọ́bò á jó. Ta ló lè máa ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọdún 15?

Ọ̀gá Sípánà
Ayọ̀, apá kan ọ̀rọ̀ ẹ tọ̀nà, apá kan ò tọ̀nà. Kì í ṣe pé wọ́n mú ẹ́ńjìnnì kékeré lásán kí wọ́n wá so tọ́bò mọ́ ọn o. Àwọn tó ṣe é mọ ẹrù tó máa gbé, kíráńkì ẹ̀ le, písítìn ẹ̀ nípọn, páìpù tín-ín-rín sì wà tó ń tu ọ́ìlì sí písítìn nídìí kó má baà gbóná jù. Mo ti tú èyí tó ti rin ìrìn púpọ̀ tí ara sílíńdà ẹ̀ ṣì ń dán. Nítorí náà kì í ṣe ẹrù ló ń pa wọ́n, ó kéré tán kì í ṣe òun ló kọ́kọ́ ń pa wọ́n.

Ọ́ìlì ni. Mo ti fi ọdún 19 tú tọ́bò, èyí tó kú láìní ọwọ́ ọ́ìlì nínú ò pọ̀ rárá. Ẹ wò ó báyìí: èéfín ló ń yí tọ́bò kó lè ki atẹ́gùn púpọ̀ sínú sílíńdà, ọ̀pá kékeré kan ló sì wà láàárín ẹ̀, ó tẹ́ẹ́rẹ́ ju ìka ọwọ́ lọ, tọ́bò kékeré sì lè yí i ju ìgbà 200,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan tó o bá tẹ iná dáadáa. Nínú ọ̀pọ̀ wọn kò sí bọ́ọ̀lù bíárìn nídìí ẹ̀, orí ọ́ìlì ló ń léfòó lé, ọ́ìlì yẹn sì fẹ́lẹ́ ju irun orí lọ. Orí ọ̀pá yẹn kan wà lọ́dọ̀ èéfín tó ń jáde, níbi tí ooru ti ń ju 900 lọ lórí ìwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì, orí kejì wà lọ́dọ̀ atẹ́gùn tó ń wọlé. Ọ́ìlì kan náà tó ń yí gbogbo inú ẹ́ńjìnnì ká ló ń lọ síbẹ̀, bíi lítà 4, nígbà mìíràn kò tó bẹ́ẹ̀.

Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ nìyẹn. Tó o bá pẹ́ kó o tó pààrọ̀ ọ́ìlì nínú 2.0 lásán, ó máa ń foríjì ẹ́ fún ọdún púpọ̀. Tọ́bò kì í foríjì.

Àmọ́ ohun tó kọ mí lóminú jù nínú ohun tí Adérójú kọ ni kìlómítà 6 yẹn. Tí ẹ́ńjìnnì bá tutù, pẹtiróòlù tí nọ́sù fọ́n tààrà sínú sílíńdà máa ń lẹ̀ mọ́ ògiri sílíńdà, kò ní jóná tán, á gba ẹ̀gbẹ́ ríǹgì písítìn sọ̀kalẹ̀ sínú ọ́ìlì. Tó o bá rin ọ̀nà jíjìn, ọ́ìlì á gbóná, pẹtiróòlù yẹn á fẹ́ lọ. Tí ìrìn ẹ ò bá kọjá kìlómítà 6, ẹ́ńjìnnì ti dúró kí ọ́ìlì tó gbóná, kò ráyè fẹ́ lọ. Díẹ̀díẹ̀ ọ́ìlì á máa pọ̀ sí i lórí géèjì dípò kó dín kù, á máa ṣàn bí omi. Ní 2018 Họ́ńdà ní láti dá títa CR-V tuntun oní-tọ́bò lítà 1.5 dúró fúngbà díẹ̀ ní Ṣáínà nítorí ọ̀rọ̀ yìí gan-an, ibi tí òtútù pọ̀ sí ló ti hàn jù.

Bọ́lájí_Lọ́rì
Ẹ máa dẹ́rù ba èèyàn lásán. Lọ́rì tí mo ń wà ní tọ́bò, ó ti rin 900,000 kìlómítà, ẹ̀ẹ̀kan péré la pààrọ̀ tọ́bò ẹ̀. Tọ́bò kì í bàjẹ́, àwọn tó ń wà á ló ń bà á jẹ́. Ra èyí tó ní tọ́bò.

Ìmọ́lẹ̀
@Bọ́lájí, ọkọ̀ oní-pẹtiróòlù ló ń bi wá léèrè, lọ́rì tìẹ díísù ni. Èéfín díísù ò gbóná tó ti pẹtiróòlù, ó lè dín ní ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ́ńjìnnì lọ́rì kì í sì í yí kíákíá, tọ́bò ẹ̀ tóbi, tọ́bò tó tóbi ò ní láti yí tó èyí kékeré. Ọ́ìlì tó wà nínú ẹ̀ nìkan lè ju lítà 30 lọ. Tó bá sì ti gbéra láàárọ̀, ó di ìrọ̀lẹ́ kó tó tutù. Ti Adérójú, ojoojúmọ́ ni yóò máa tan án nígbà tó tutù tí yóò sì pa á kó tó gbóná.

Bọ́lájí_Lọ́rì
Ó dáa, ti ọ́ìlì yẹn yé mi. Ṣùgbọ́n mo ṣì dúró lórí pé ọwọ́ awakọ̀ ló wà.

Mọ́rẹ́nikẹ́
Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, bóyá á wúlò. Tèmi lítà 1.4 oní-tọ́bò, mo rà á ní tuntun, mò ń pààrọ̀ ọ́ìlì ní 15,000 kìlómítà bí ìwé ẹ̀ ṣe sọ, mi ò ṣàì pààrọ̀ ẹ̀ rí. Nígbà tó dé 118,000 mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ariwo kan tí mo bá tẹ iná, bí ẹni ń súfèé láti òkèèrè, ó ń ròkè bí ọkọ̀ ṣe ń sáré. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, tí mo bá dúró níbi iná pupa tí mo tún gbéra, èéfín aláwọ̀ búlúù á tú jáde lẹ́yìn. Wọ́n ní tọ́bò ti lọ. Mo ra tuntun, wọ́n dè é, ó dáa gan-an.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré! Mi ò tíì rin 2,500 kìlómítà pẹ̀lú ẹ̀ tí súfèé yẹn fi padà. Ẹni tó bá mi ṣe é ní ayédèrú ni tọ́bò tí mo rà, mo gbà á gbọ́, inú bí mi gan-an sí ẹni tó tà á fún mi. Ìgbà tí mo gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì mìíràn, ọkùnrin yìí ò fọwọ́ kan tọ́bò rárá ní ìbẹ̀rẹ̀. Páìpù kékeré tó ń gbé ọ́ìlì wá sí tọ́bò ló tú. Bọ́ọ̀tì tó di páìpù yẹn mú ní ihò láàárín, ọ́ìlì ń gba inú bọ́ọ̀tì fúnra ẹ̀ kọjá ni, asẹ́ wáyà kékeré kan sì wà nínú ihò yẹn tí kò tóbi ju èékánná ọmọ ìka lọ. Ó gbé e lé ọwọ́ mi. Èédú dúdú ló di gbogbo ojú asẹ́ náà, ó le, mo fi abẹ́rẹ́ yọ ọ́ kò ṣí. Ó fẹ́ atẹ́gùn sínú páìpù, ẹ̀kúnrẹ́rẹ́ atẹ́gùn ò jáde lódìkejì.

Ìyẹn ni pé òùngbẹ ọ́ìlì ló pa tọ́bò àkọ́kọ́, òùngbẹ kan náà ló sì pa èkejì. Kò sí nǹkan kan tó ṣe tọ́bò tuntun yẹn nígbà tí mo rà á. Ó dùn mí pé mo ti bá ẹni tó tà á jà.

Ọ̀gá Sípánà
Mọ́rẹ́nikẹ́, o ṣeun tó o kọ eléyìí, mo ti rí irú ẹ̀ tí mi ò lè kà. Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ rèé: o sáré wá, tọ́bò gbóná janjan, o pa ẹ́ńjìnnì, ọ́ìlì tó wà nínú páìpù yẹn dúró lójú kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin tó ń jó. Ó gbẹ, ó di èédú díẹ̀. Ọjọ́ kejì, díẹ̀ sí i. Ọ́ìlì tó ti gbó tètè máa ń di èédú ju tuntun lọ, ìdí nìyẹn tí 15,000 fi pọ̀ jù fún ẹni tó fẹ́ gbé ọkọ̀ pẹ́. Ìwé ọ̀pọ̀ ọkọ̀ gan-an sọ ọ́ nísàlẹ̀, níbi tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í kà dé, pé tí ìrìn bá kúrú tàbí tí ọkọ̀ bá ń dúró ṣáá nínú sún-kẹrẹ, kí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀ ní ìlàjì. Ẹni tó fẹ́ lo ọdún 15, èmi á sọ fún un pé 7,500 tàbí oṣù mẹ́fà, èyí tó bá kọ́kọ́ dé.

Tí tọ́bò bá kú lọ́wọ́ yín, ẹ má jẹ́ kí wọ́n de tuntun láìpààrọ̀ páìpù ọ́ìlì àti bọ́ọ̀tì ẹ̀, pààrọ̀ o, kì í ṣe kí wọ́n fọ̀ ọ́. Kí wọ́n wo páìpù tó ń dá ọ́ìlì padà sínú ẹ́ńjìnnì, kí wọ́n tú ìńtàkúlà, ibi tí atẹ́gùn tọ́bò ti ń tutù, wò bóyá ọ́ìlì tàbí irin tó já wà nínú ẹ̀, kí wọ́n pààrọ̀ ọ́ìlì àti fílítà. Kí wọ́n da ọ́ìlì sí ojú ihò tọ́bò tuntun kí wọ́n fọwọ́ yí i, kí wọ́n wá fi sítátà yí ẹ́ńjìnnì láìjẹ́ kó tan, títí ọ́ìlì á fi dé ibẹ̀. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ tó bá fi yí láìsí ọ́ìlì ti tó láti bà á jẹ́.

Ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá tọ́bò ẹ̀ ṣì dáa: kí ẹ́ńjìnnì tutù, yọ rọ́bà tó ń gbé atẹ́gùn wọlé, fi ìka méjì di orí ọ̀pá yẹn mú. Tó bá mì díẹ̀ sọ́tùn-ún sósì kò burú, ọ́ìlì ló máa ń dí àyè yẹn tó bá ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n tó o bá fà á síwájú sẹ́yìn tó o mọ̀ ọ́n lára pé ó rìn, tàbí tí abẹ̀bẹ̀ ẹ̀ ti ń ha ara ògiri, ó ti fẹ́ lọ nìyẹn.

Ayọ̀Awakọ̀
Ẹ ṣé ọ̀gá. Ṣé ìyẹn ò wá ti ohun tí mo sọ lẹ́yìn pé kéèyàn dúró fún ìṣẹ́jú 5 kó tó pa á?

Ọ̀gá Sípánà
Ìdí tó o fi sọ ọ́ tọ̀nà, ìṣẹ́jú 5 gbogbo ìgbà ni mi ò gbà. Ọ̀pọ̀ tọ́bò tuntun ni omi ń yí ká, òmíràn ní pọ́ńpù oníná tó ń yí omi yẹn lẹ́yìn tó o ti pa ẹ́ńjìnnì. Tó o bá rọra wakọ̀ wọ àdúgbò fún ìṣẹ́jú méjì, tọ́bò ti tutù kó o tó dé ẹnu ọ̀nà, pa á lójú ẹsẹ̀. Ìgbà tó o bá sáré lórí ọ̀nà márosẹ̀ tó o sì yà tààrà sí ibi tí wọ́n ti ń ta epo, tàbí tó o gun òkè pẹ̀lú ẹrù, ìgbà yẹn ni kó o dúró bíi ìṣẹ́jú kan. Fún Adérójú tó ń rin kìlómítà 6, dídúró fún ìṣẹ́jú 5 á tún burú sí i, torí ẹ́ńjìnnì tó tutù tó ń ṣiṣẹ́ lórí ìdúró máa ń da pẹtiróòlù sí ọ́ìlì.

Fẹ́mi_K
Ẹ má jẹ́ ká sọ 2.0 di áńgẹ́lì o. Tèmi 2.0 lásán, kò ní tọ́bò, láti 90,000 ló ti ń mu ọ́ìlì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó lítà kan ní 1,000 kìlómítà báyìí. Wọ́n tú u, ríǹgì tó ń gbá ọ́ìlì ti lẹ̀ pa mọ́ písítìn, ihò tí ọ́ìlì ń gbà padà ti dí. Fáàfù tí atẹ́gùn ń gbà wọlé náà kún fún èédú torí tààrà sínú sílíńdà ni nọ́sù ń fọ́n, kò sí pẹtiróòlù tó ń fọ ẹ̀yìn fáàfù. Tọ́bò kọ́ ló fa ìyẹn. Nọ́sù àti ríǹgì ni kéèyàn béèrè kó tó béèrè tọ́bò.

Ọ̀gá Sípánà
Òtítọ́ lo sọ, mi ò sì ní jiyàn lórí fáàfù. Ọ̀pọ̀ ẹ̀sùn tí wọ́n ń kà sí tọ́bò lọ́rùn, nǹkan mìíràn tí wọ́n kó sí ẹ́ńjìnnì kan náà ló fà á. Àpẹẹrẹ tó le jù ni bẹ́líìtì tó ń yí inú ọ́ìlì. Àwọn ẹ́ńjìnnì oní-sílíńdà mẹ́ta kan wà tó jẹ́ pé bẹ́líìtì tó ń yí fáàfù wọn ò sí níta, inú ọ́ìlì ló wà. EcoBoost lítà 1.0 ti Fọ́ọ̀dù tó kọ́kọ́ jáde bẹ́ẹ̀ ni, PureTech lítà 1.2 ti Pẹjó àti Sitiróẹ̀nì bẹ́ẹ̀ ni. Tí pẹtiróòlù bá ti dà pọ̀ mọ́ ọ́ìlì, ó máa ń mú kí rọ́bà bẹ́líìtì yẹn wú, á rọ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í já wẹ́wẹ́. Wẹ́wẹ́ yẹn á lọ di asẹ́ tó wà lẹ́nu pọ́ńpù ọ́ìlì nísàlẹ̀. Iná ọ́ìlì pupa á tàn, nígbà yẹn tọ́bò àti kíráńkì ti ń yí lórí gbígbẹ.

Adérójú, ṣé o rí bí ó ṣe kàn ẹ́? Ìrìn kúkúrú ló ń da pẹtiróòlù sínú ọ́ìlì, pẹtiróòlù ló ń jẹ bẹ́líìtì. Lọ bi àwọn tó ń ta ọkọ̀ yẹn: ṣé ṣéènì ni 1.2 yẹn àbí bẹ́líìtì inú ọ́ìlì? Nọ́sù 2.0 ńkọ́, ṣé tààrà sínú sílíńdà nìkan ni, àbí wọ́n tún fi òmíràn síwájú fáàfù?

Tósìn
Kí n fi kan kún un. Àwa tá à ń rọra wakọ̀ gan-an lè ba oní-tọ́bò jẹ́. Tó o bá wà ní gíà tó ga jù, ẹ́ńjìnnì ń yí bíi 1,400, o wá tẹ iná mọ́lẹ̀ kó o fi gun òkè, tọ́bò á ki atẹ́gùn púpọ̀ sínú sílíńdà tí kò yí kíákíá, pẹtiróòlù lè gbiná kí púlọ́ọ̀gì tó tan án. Wàá gbọ́ bí ìgbà téèyàn fi hámà lu irin lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì. Ó lè fọ́ písítìn. Irú ọ́ìlì náà ní ọwọ́ nínú ẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbé ìlànà ọ́ìlì `API SN PLUS` jáde ní 2018 àti `API SP` ní 2020. Ẹ wo ara gálọ́ọ̀nù kẹ́ ẹ tó rà. Tó bá jẹ́ gíà tí wọ́n ń fọwọ́ yí, ẹ rẹ gíà sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó tẹ iná.

Adérójú
Ẹ ṣé púpọ̀, mo ti lọ béèrè. 1.2 yẹn, bẹ́líìtì inú ọ́ìlì ni. Ẹni tó ń tà á ò kọ́kọ́ mọ̀, ó ní láti lọ wò ó nínú kọ̀ǹpútà. 2.0 ní ṣéènì, nọ́sù ẹ̀ sì jẹ́ oríṣi méjì, ọ̀kan tààrà, ọ̀kan síwájú fáàfù. Ìwé méjèèjì sọ 15,000 tàbí ọdún kan, ìlàjì fún ìrìn kúkúrú bí ọ̀gá ṣe wí. 2.0 ni mo máa mú. Ohun tó ṣì ń dà mí láàmú ni epo, epo tí 1.2 ń jẹ kéré sí ti 2.0 nínú ìwé.

Ìmọ́lẹ̀
Nínú ìwé nìyẹn. Ní kìlómítà 6 tí ẹ́ńjìnnì tutù, méjèèjì ló ń jẹ epo, ìyàtọ̀ yẹn máa kéré sí ohun tó o rò. Ọ̀nà jíjìn lo máa ti rí i. Tó bá jẹ́ pé kìlómítà 80 lò ń rìn lóòjọ́, tí 1.2 yẹn sì ní ṣéènì, èmi á ní kó o mú tọ́bò láìbẹ̀rù.

Fẹ́mi_K
Mi ò gbà. Ọdún 15 náà ni ọdún 15. Kódà pẹ̀lú ṣéènì, ní ọdún 12 sí 13, ẹ̀rọ kékeré oníná tó ń darí èéfín lórí tọ́bò lè kú, lórí àwọn kan wọn kì í tà á lọ́tọ̀, odindi tọ́bò lo máa rà. Ohun tí ò sí lára ọkọ̀ ò lè bàjẹ́.

Mọ́rẹ́nikẹ́
Tèmi ti dé 203,000 báyìí o, pẹ̀lú páìpù tuntun, tọ́bò kẹta, ọ́ìlì ní 7,000. Kò mu ọ́ìlì rárá. Tí mo bá ti mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, tọ́bò àkọ́kọ́ ṣì lè wà lára ẹ̀.

Ọ̀gá Sípánà
Ìmọ́lẹ̀ àti Fẹ́mi, ẹ máa bá a lọ, kò tíì dá èmi náà lójú níbẹ̀, mo ti rí àwọn méjèèjì tó pẹ́ dáadáa.

Adérójú, 2.0 náà ní nọ́sù tààrà, ìrìn rẹ ò sì yí padà, nítorí náà ohun kan péré: ọjọ́ tó o bá gba ọkọ̀, dúró síbi tó tẹ́jú kí ẹ́ńjìnnì ti tutù, fa géèjì ọ́ìlì, ya fọ́tò ibi tí ọ́ìlì dé. Ṣe bẹ́ẹ̀ lóṣooṣù níbì kan náà. Tó bá ń lọ sílẹ̀, ó ń mu ọ́ìlì. Tó bá ń ròkè, gbóòórùn ẹ̀. Tó bá ń rùn bíi pẹtiróòlù, gbé e lọ ọ̀nà jíjìn fún wákàtí kan, tó bá ti kọjá àmì òkè, pààrọ̀ ẹ̀, má dúró de 7,500.

Adérójú
Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo bá gbé e délé, màá fi fọ́tò géèjì àkọ́kọ́ síbí.